Ẹsẹ̀ Bàtà Márùn-ún àti Íǹṣì Mẹ́jọ

Dókítà sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé mo ń kúrú. Ó ní egungun ẹ̀yìn àgbàlagbà máa ń fún pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló wá sí mi lọ́kàn, àti ọjọ́ tí Mẹ́kà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí gíga rẹ̀.

Ilé rẹ̀ ní Kambolé, ní ilẹ̀ Tógò, ni mo ti dàgbà. Oko kòkó ní Gánà ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, títí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Ó kó àpótí kan dé, àti ìwé ìrìnnà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe fún un nígbà tí kò tíì bímọ. Wọ́n kọ gíga rẹ̀ sínú rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣu. Iṣu ló fi kó owó háájì jọ, ebè lórí ebè, ọdún lórí ọdún.

Mo wà nílé fún ìsinmi yunifásítì nígbà tí owó náà pé. Ó ní kí n sin òun lọ sí ọ́fíìsì háájì ní Sokodé, nítorí òun kò gbọ́ Faransé. A kọjá ní Tchamba kí ojú tó mọ́ dáadáa, àwọn obìnrin ti ń to àgbàdo sẹ́bàá ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń gba ìwé kẹ́yìn. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá wọlé kí ọ́fíìsì tó tì, ó di ọdún mìíràn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sì fọkàn tán ọdún mìíràn mọ́.

Akọ̀wé kan máa ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ará ìjọ Àgùdà, ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò Kouloundè. Òun ló bá wa tẹ ìwé náà. Nígbà tó kan ibi gíga, ó yẹ ìwé Gánà wò.

"Ẹsẹ̀ bàtà! Bàbá, sẹ̀ǹtímítà ni ìjọba wa ń jẹ."

Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Faransé tó ti ya léèpo. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32,48, íǹṣì kan sì lé díẹ̀ ní 2,7. Ó ṣírò. Ó tẹ 1 mítà 84. Inú ẹ̀gbọ́n ìyá mi dùn, ó rò pé nọ́ńbà ńlá ni, ire ni.

A wọlé. Ọ̀gá tó jókòó lábẹ́ àwòrán Olórí Orílẹ̀-èdè, tó lẹ báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́ àyà, ka ìwé náà délẹ̀. Ó dìde. Ó yípo tábìlì wá dúró ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Fìlà bàbá náà kò kọjá imú rẹ̀.

"Mẹsiyé," ó sọ fún mi ní Faransé, "èmi ni mítà kan lé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ta wá ni èyí?"

Ó ní ohun tí ìwé àtijọ́ wí ni òun fẹ́, ní sẹ̀ǹtímítà tó péye. Ó tọ́ka sí aago.

Nígbà tí a dé abẹ́ igi, mo ní kí akọ̀wé tún un wò. Mo rántí pé olùkọ́ wa kan ní yunifásítì pe ẹsẹ̀ bàtà ní 30,48. Àbí 32,48 ló pè é? Bí mo ṣe ń fẹnu wí i ni nọ́ńbà kejì ń lé ti àkọ́kọ́ jáde. Akọ̀wé bojú wò mí.

"Akọ̀wé yunifásítì! Ọgbọ̀n ni àbí méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Ọgbọ̀n. Ó jọ pé ọgbọ̀n ni."

"Ó jọ pé! Ó dáa, ọgbọ̀n." Ó kọ 5,8, ó fi sọ 30,48 di púpọ̀. Ó jẹ́ 176,8. "Mítà kan lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ṣó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi na ọrùn wo bébà náà. "Kí ni àmì wẹ́wẹ́ yìí ń ṣe láàárín márùn-ún àti mẹ́jọ?"

"Kóómà ni, Bàbá."

"Ṣé íǹṣì mẹ́wàá ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà yín ni? Méjìlá ni a fi ń wọn pákó ní Gánà."

Akọ̀wé yọ ọwọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. A ti ní nọ́ńbà méjì fún ènìyàn kan, a kò sì gba ọ̀kan gbọ́. Oòrùn ti yẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ló wà lódìkejì ọ̀nà. Mo rí téèpù ìwọ̀n ní ọrùn rẹ̀, mo sáré lọ bá a. Sẹ̀ǹtímítà wà lójú kan, mo sì yí i padà: nọ́ńbà mìíràn wà lẹ́yìn, ó parí sí ọgọ́ta.

"Kí lèyí wà fún?"

Télọ̀ gbé èjìká. "Bó ṣe ti ọjà Gánà dé nìyẹn. Èmi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, ó fọwọ́ kàn án. "Íǹṣì ni. Ọgọ́ta, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún gééré nìyẹn."

Mo yí òpin téèpù padà: 152 àti díẹ̀. Akọ̀wé ti pe márùn-ún náà ní 162 láàárọ̀! Mo ka íǹṣì mẹ́jọ: ogún àti díẹ̀. Díẹ̀ àti díẹ̀ pàdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 173. Nígbà náà ni mo tó gbà pé ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà láyé. Ìwé atúmọ̀ èdè kò purọ́, ẹsẹ̀ bàtà Faransé àtijọ́ ló ń sọ, èyí tí wọ́n ń lò kí mítà tó dé. Ti Gẹ̀ẹ́sì kúrú sí i.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Télọ̀ ń wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi lókè délẹ̀.

"Bàbá yìí ò ga tó 173."

"Kí lo wí?"

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá. Ẹ ṣí fìlà."

Ó mú un dúró ti òpó, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Ó wọ̀n ọ́n. 170. Ó tún wọ̀n ọ́n. 170. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yíjú wo àmì náà bí ẹni tó ń wo ẹrù tí wọ́n jí lára rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ ti ìwé, Bàbá," ni mo wí. "Òun lọ̀gá ní òun fẹ́."

"Èmi yóò sì gbé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí n kò ní lọ síwájú ilé Ọlọ́run?"

Kò gbà. Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́, télọ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ń ti fèrèsé ọ́fíìsì nígbà tó kọjá lára wa, tó wọlé, fìlà lọ́wọ́. Mo sá tẹ̀ lé e. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá: 184, 177, 173, 170. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń dà bí irọ́. Ọ̀gá fọwọ́ di orí.

"Mẹ́ta tó dín ńkọ́? Níbo ló wà?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ronú díẹ̀.

"Sọ fún un pé ó wà ní Gánà, lábẹ́ àpò kòkó. Orí yìí ni mo fi rù wọ́n."

Mo sọ ọ́ ní Faransé bó ṣe wà. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọrùn bàbá náà fún ìgbà díẹ̀, ó fi báírò fa ìlà lórí 1 mítà 84, ó kọ 1 mítà 70 sókè rẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀.

Ó lọ sí Mẹ́kà, ó sì bọ̀. Títí di òní, n kò mọ èwo nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló tọ́ lójú òfin. Ọmọ mi obìnrin ti gbé fọ́ọ̀mù páásípọ́ọ̀tù tuntun wá fún mi báyìí, ó ní kí n fi gíga tó wà nínú ti àtijọ́ kún un. Mo ti ní kó kọ́kọ́ lọ wá téèpù wá.