Òjìji Alaaji Múítì Lẹ́bàá Kànga

Ó tọ́ kí á kọ́kọ́ fi èyí lélẹ̀ kí ayé lè mọ̀ ọ́n: Múdàṣírù ayafọ́tò, ará Atakpamé, kì í jókòó lórí àga kankan láìjẹ́ pé ó fi ẹnu fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbáà ṣe àga tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó fẹ́ àga, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó dojú kọ iṣẹ́ Alaaji Múítì. Alaaji yìí ló ń ta páànù lójú ọ̀nà Anié. Òun ló ra símẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́ kànga tuntun ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kànga, ọjà Elavagnon ló wà. Múdàṣírù ti ya fọ́tò ìjọ tán kí Alaaji tó dé.

"Múdà, fi mí sí i," ni Alaaji ti wí fún un. "Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, mo pẹ́ dé, mo dúró létí, ìwọ lo sì yà mí."

"Kò burú, Alaaji." Ó yára dáhùn ju bó ti yẹ lọ.

Ó ti ya Alaaji níwájú ìsọ̀ páànù rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń lọ sílé; ní báyìí, ó gé e jáde, ó gbé e sẹ́bàá kànga. Fàósátù ìyàwó Múdàṣírù yọjú wo iṣẹ́ náà láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.

"Bàbá Ìbíọlá, níbo ni Alaaji ń fò lọ? Ó dà bí agbádá tí a sá sórí okùn."

Òótọ́ ni, kò sí òkùnkùn kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Múdàṣírù fa ilà tín-ín-rín síbi tí bàtà ti kan ilẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ló dúdú jù, bí ó sì ti kúrò lábẹ́ bàtà ló ń ṣá. Alaaji balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò lo dúdú lásán, ó po pupa ilẹ̀ mọ́ ọn, torí pé òjìji kì í pa àwọ̀ ilẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan òjìji ara. Ó ṣe ẹ̀dà àwòrán Alaaji, ó sọ ọ́ dúdú, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ. Etí òjìji náà mú nítòsí bàtà, ó ń rọ̀ bí ó ti ń lọ síbi orí. Níbi tí ó ti kan ògiri kànga, ó ṣẹ́ ẹ lọ sókè.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti kan Alaaji níwájú ìsọ̀, Múdàṣírù sì gbà pé ẹni tó ni òjìji ni òjìji ń tẹ̀ lé. Ó jẹ́ kí ó gùn gbọọrọ sápá ọ̀tún. Kò wo àwọn yòókù nínú fọ́tò. Oṣù kẹrin ni ó yà wọ́n, lọ́sàn-án gangan, kálukú wọn dúró lórí òjìji ara rẹ̀ bí ẹni dúró lórí ẹní.

Wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sí yàrá ìpàdé. Bàbá Sàlísù làdáànì, ẹni tí ó kọ́ Múdàṣírù ní kéú, wò ó títí. Igi tí ó rì mọ́ àgbàlá ni Bàbá fi ń mọ àkókò ìrun: bí òjìji igi bá gùn tó igi, ó di Alásàrí.

"Múdàṣírù, ìwọ lo ya gbogbo wa?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?"

Alaaji húkọ́.

"Lẹ́ẹ̀kan náà ni, Bàbá."

Bàbá fi ìka wọn òjìji Alaaji, ó sì wọn Alaaji fúnra rẹ̀. "Bí a ti ya fọ́tò tán ni mo pe ìrun Àílà. Gbogbo wa wà ní Àílà níhìn-ín. Alaaji nìkan ló ti dé Alásàrí."

"Oníṣòwò kì í pẹ́, Bàbá," ni Alaaji wí. Ilé wó fún ẹ̀rín, Alaaji náà sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Múdàṣírù ń wo ẹnu bàtà ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ló dùn ún. Bàbá ti fún un láyè láti sọ òtítọ́, òun sì fi irọ́ dí àyè náà.

Nígbà tí ó padà dé ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ká òjìji náà jọ sábẹ́ ẹsẹ̀ Alaaji, ó sì tún ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ṣe kí ó bá ti ọ̀sán mu. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó wò ó, ó rí i pé èyí yóò tan Bàbá pàápàá jẹ, ìtìjú rẹ̀ sì tún pọ̀ sí i. Ó pa á rẹ́, ó lọ sílé Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á forí jì wá. Dìde, ilẹ̀ ti gbóná."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Alásàrí kù díẹ̀, òun àti Bàbá pàdé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

"Kí ni aago ọwọ́ rẹ wí?" ni Bàbá bèèrè.

"Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú ogún, Bàbá."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ó gbàdúrà fún un, ó bèèrè àlàáfíà Fàósátù, ó sì rọra gba àgbàlá lọ wo igi rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù wá lọ, ṣé aago ni Bàbá kò gbà gbọ́ ni?