Ìwé-Ẹ̀rí Tí Ṣàràfá Kọ́kọ́ Mú

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣàràfá ọkọ mi fi tún tápúráítà ṣe ní Ìkòsí kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 2004, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí oníbàárà kankan má yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ogójì ọdún ni, ó ní òun máa kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Owó ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo la ní. Bó bá ṣi ọ̀kan mú, ó parí nìyẹn.

Èmi Kabirat, CCNA ni mo ní kó ṣe, ìwé-ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ Cisco tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀. Gbogbo ẹnu ló ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì wù mí kí n máa fi yangàn nídìí ata mi ní Mile 12.

Alágídí ni. Ó mú bíírò, ó kiri ọ́fíìsì mọ́kànlá tó ti ń bá wọn tún tápúráítà ṣe, láti Kétu dé Gbàgádà, ó ń béèrè ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́ọ̀yà ní kọ̀ǹpútà Compaq, ilé ìwòsàn ní ti Dell, àwọn yòókù ń lo èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Ìkejà. Ọ́fíìsì kan péré ló ní ẹ̀rọ Cisco.

"Mummy Hidayat, wò ó," ó ní. "CCNA jinlẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ̀rọ Cisco ni wọ́n fi ń kọ́ni. A+, ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ò ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kankan wá. Ohun tó wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kọ́ni. Tí mo bá ríṣẹ́, mo ṣì lè ṣe ti Cisco."

"Ta ló mọ A+ ní Kétu? Daddy Hidayat, ẹ ṣe bó ṣe wù yín o!"

Inú bí mi gan-an. Ó ṣe ìdánwò A+, méjèèjì tó ní, ó sì yege.

Ilé ìwé kan ní Anthony ń wá òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Ṣàràfá sì mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ bá wọn. Bí mo ṣe wí náà ló rí: ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Adédiwúrà, kò gbọ́ A+ rí. Ó kàn mú un wọ yàrá kan tí kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ti kú sí, oríṣi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rí ohun tẹ́ ẹ mọ̀."

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, mẹ́sàn-án ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n rà fún márùn-ún tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyáàfin ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè náà, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ní kí n máa lọ sọ́jà, pé ata mi á bàjẹ́. Ata kẹ̀! Mo dúró síbẹ̀, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, kí wọ́n lè bi mí léèrè ibi tí ọkọ mi ń lọ.