Ewu Tí Kò Ní Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin ni olùkọ́ pín fún wọn, ènìyàn kan ṣoṣo ló ṣe é. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é, nítorí irun orí rẹ̀ tó ti ń funfun láàárín àwọn ọ̀dọ́. Sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ló ń tọ́jú lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, ó ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ìkọ́lé. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ríṣẹ́ síbòmíràn, ọ̀kan bímọ, ẹnì kẹta kàn ń wo fóònù tó ń dún ni, kì í gbé e. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti ń dá jẹun láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ṣé iṣẹ́ ìwé ni kò wá ní lè dá ṣe?

Ètò àtúnṣe ọjà àdúgbò ni iṣẹ́ náà: iye tó máa ná wọn, ìgbà tí wọ́n máa ṣe apá kọ̀ọ̀kan, àti àkọsílẹ̀ ewu, ìyẹn àwọn ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́. Orí ìwé lásán ni, ẹnikẹ́ni ò ní fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Máàkì ni wọ́n ń wá. Àmọ́ ẹni tó bá kùnà níbẹ̀ ti kúrò nínú kíláàsì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá yẹn nìkan ni ẹnìkan ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ ò tètè dé lónìí?” Ohun tí kò fẹ́ pàdánù nìyẹn, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ó ṣe é dáadáa o. Ó ní kí ìdajì àwọn ọlọ́jà kọ́kọ́ kó lọ sórí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí ìdajì máa tà nìṣó. Gọ́tà ṣáájú ilẹ̀, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ìsọ̀ tó padà sórí rẹ̀, páànù sì gbọ́dọ̀ wà lórí kí òjò tó dé. Ó ya ìdá mẹ́wàá owó sọ́tọ̀ fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ewu, ó kọ bí ewu kọ̀ọ̀kan ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó, bó ṣe lè dunni tó, àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ewu náà, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Olùkọ́, obìnrin tí Bàbá Kíláàsì lè bí lọ́mọ, dá a padà fún un.

“Bàbá, tí ẹ bá ṣàìsàn, ta ni yóò máa ṣọ́ gbogbo èyí?”

“Èmi kì í ṣàìsàn.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn gan-an ni ewu tí ẹ ò kọ. Ẹ tún un ṣe wá lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò lè fún yín ní máàkì.”

Irọ́ ni Bàbá Kíláàsì pa. Lọ́dún tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn. Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ní, “Ìsinmi yẹn mà tù yín lára.” Ó rántí rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọjà lọ láti wá àwọn tí yóò máa bá a ṣọ́ ewu. Ọdẹ ọjà gbà láti ṣọ́ iná àti olè lórí pápá. Káfíńtà tó ń tún òrùlé ọjà ṣe gba ti òjò. Ìyá Oníke, tó ń ta garawa àti abọ́, tó tún jẹ́ olórí àwọn ọlọ́jà, gba ti àwọn tó máa kọ̀ láti kó kúrò.

“Kí ni ẹni tó ń ṣọ́ ewu máa ń ṣe gan-an?” ni Ìyá Oníke béèrè.

“Yóò máa wò ó. Tó bá ti rí i pé ó ń bọ̀, yóò tètè pariwo.”

“Mo mọ ariwo pa.” Ó nawọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀. “Kí lèyí? Kò lórúkọ.”

“Pé kí ẹni tó ṣètò iṣẹ́ ṣàìsàn.”

“Ṣé kò sẹ́nìkan nílé ni?”

Bàbá Kíláàsì ń wo àwọn garawa.

“Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ kọ mí síbẹ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín fún èmi náà.”

Bàbá Kíláàsì yege. Olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ọlidé dé, wọ́n ti kíláàsì, ọjà sì wà bó ṣe wà, páànù rẹ̀ ń jò. Ibà tún padà wá. Ó dùbúlẹ̀, fóònù rẹ̀ kú, kò ní okun láti fi í sí ṣájà. Ó ti mọ bí ó ṣe ń rí: èèyàn á máa gbọ́ ìṣísẹ̀ lójú pópó, ìṣísẹ̀ á sì kọjá.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ìyá Oníke ni, pẹ̀lú garawa tuntun lọ́wọ́.

“Ẹ kì í kọjá ní ìsọ̀ mi mọ́. Mo pè yín, kò wọlé.”

Bàbá Kíláàsì di férémù ilẹ̀kùn mú. “Ìyá, iṣẹ́ ìwé yẹn ti parí. Wọ́n ti fún mi ní máàkì.”

“Ta ló béèrè máàkì? Ewu mi ni mo wá wò. Àbí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi ni?”

Bàbá Kíláàsì yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé kúrò lórí àga kejì.