Ìdí Àgbọn àti Ìdí Ọ̀pẹ

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Akọ̀pẹ fi gun ọ̀pẹ kó tó ṣubú lórí ọ̀kan. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já lọ́jọ́ náà. Itan ọ̀tún rẹ̀ kán, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń sun orí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Akọ̀pẹ, tí òun náà ń kọ ẹyìn, ni wọ́n fi ọmọ sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ibà mú ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́rú, kò sí mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wá dúró nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì.

"Ìdí àgbọn ni mo sin ín sí," ó ní. "Lẹ́bàá odò, níbi tó ti máa ń ṣeré."

Gbogbo ohun tó lè sọ nìyẹn. Àgbọn kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́bàá odò náà. Ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni ìyókù.

Nígbà tí Akọ̀pẹ padà délé pẹ̀lú ọ̀pá, kò ra igbà mìíràn mọ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń fi ọ̀bẹ ha ewé imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì ń fi egungun inú ewé náà di ìgbálẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iná ẹ̀ẹ̀rùn jó gbogbo ẹ̀bá odò, ó sì gé orí àwọn igi ibẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kú.

Ẹ̀yìn iná àti ikú yẹn ni ọkàn ìyàwó rẹ̀ tó gbé e láti lọ wo ojú oórì ọmọ. Láti ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta bá ti kọjá, yóò pa maṣíìnì ìránṣọ tì, yóò sì mú ọkọ́ kékeré lọ. Akọ̀pẹ kò tẹ̀ lé e rí. "Ẹsẹ̀ yìí ò lè gbà á," ló máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà ń gbé e dé ọgbà tó ti ń ra imọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn ju ti odò lọ. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ sí i lójú.

Nígbà tó bá dé, yóò ṣan ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ọmọ ní ilé ìwé bọ̀.

"Mo sọ fún un pé ẹ kí i. Àgbọn kékeré kan ti hù níbẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Mo ń ro ìdí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mo bomi sí i."

Akọ̀pẹ yóò mi orí. Kò bi í léèrè rí bí igi náà ṣe rí. Ọdún mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ omi wá pẹ̀lú ìwé. Wọ́n fẹ́ sé odò náà. Gbogbo ẹ̀bá rẹ̀ ni omi yóò bò. Ẹni tó bá ní òkú níbẹ̀ kó tètè gbé e, ó pẹ́ tán Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ Ẹtì, katakata á wọlé. Wọ́n yan agbẹ́lẹ̀ méjì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan fún òwúrọ̀ kan.

Ọjọ́bọ̀ ló kan ìdílé Akọ̀pẹ. Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbé àpótí pákó tí káfíńtà ṣe, wọ́n sì jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ kò lè pa ẹnu dé. Oníròyìn ni èkejì rẹ̀ ń pè é. Nígbà tó rí i bí Akọ̀pẹ ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n pọ̀n yín. Mo ti gbé àpò sìmẹ́ńtì tó wúwo jù yín lọ."

"Àpò sìmẹ́ńtì kì í bú èèyàn," Akọ̀pẹ dáhùn. "Èmi á bú ẹ dé ibẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àní ìyàwó pàápàá. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Lẹ́bàá omi ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá ògùrọ̀ tó ti padà hù lẹ́yìn iná. Oníròyìn nawọ́ sí kùkùté kan láàárín wọn. "Ṣé kì í ṣe àgbọn yín nìyí? Òun náà ò lórí."

"Ògùrọ̀ nìyẹn," Akọ̀pẹ ní. "Wo àwọn alààyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni imọ̀ wọn ti ń yọ, ọ̀kan ṣoṣo sì gùn ju òrùlé ilé lọ. Wo ìdí òkú yẹn náà, bí ìdí imọ̀ àtijọ́ àti okùn dúdú ṣe wé mọ́ ọn bí ẹni tí òtútù ń mú. Gbòǹgbò ló ń yọ ṣóńṣó sókè nínú ẹrẹ̀ yẹn, tó ń wá afẹ́fẹ́. Àgbọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ti kọjá lọ. Igi méjì tí iná gé lórí ló dúró lókè díẹ̀, èkíní lẹ́bàá ọ̀nà, èkejì nínú igbó, bí ogún ìṣísẹ̀ síra wọn. Ọ̀dọ̀ ti ẹ̀bá ọ̀nà ló lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí iyàrá àlejò. Ó gbé àpótí kalẹ̀.

"Ibí ni," ó ní. "Ẹlẹ́rìn-ín, bàbá ẹ dé."

Akọ̀pẹ dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo igi náà. Iná ti jó gbogbo ìdí imọ̀ tó máa ń yọ gọngọ lára ọ̀pẹ, òjò sì ti fọ ìyókù. Ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tí kò gun igi rí lè pè é ní àgbọn. Ṣùgbọ́n igi náà dìde lóòró gangan láti inú ilẹ̀, kò tẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì wú. Àpá tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe òrùka tó yí igi po. Àpá fífẹ̀ ni, tó ń gòkè ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìpẹ́ ẹja.

Ó wo irúgbìn tó wà lẹ́sẹ̀ igi náà, tó ga dé àyà obìnrin, tí a ro ìdí rẹ̀ yíká. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi àtàǹpàkò wọ́ etí ọ̀pá imọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún gún un. Ewé ara imọ̀ náà kò tẹ́ sí apá méjì bí eyín ìyarun, bí ti àgbọn. Òmíràn dojú kọ òkè, òmíràn dojú kọ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Imọ̀ tó ń ha lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọ̀pẹ ni. Ọmọ ọ̀pẹ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ó wo inú igbó. Igi kejì fì sí ọ̀nà omi. Ìdí rẹ̀ wú bí ìkòkò, gbòǹgbò tín-ín-rín sì ṣù mọ́ ọn, àìmọye.

Àwọn agbẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọn yóò gbẹ́ títí, wọn kò ní rí nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ yóò gbà pé ilẹ̀ ti jẹ ọmọ náà tán. Yóò bu erùpẹ̀ sínú àpótí, yóò sì gbé e lọ sílé, ọdún mẹ́rin rẹ̀ yóò sì wà ní odidi. Ọmọ náà yóò wá wà lábẹ́ omi.

"Ẹ dúró," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú.

"Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ibí kọ́."

"Kí lẹ ní?"

"Ọ̀pẹ lèyí. Àgbọn wà lọ́hùn-ún."

"Ẹ̀yin?" Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀, ó sì le. "Ẹ̀yin tẹ́ ò dé ibí rí? Gbogbo ìgbà tí mo jókòó síbí, ibo lẹ wà? Ẹ wá ń júwe ilé ọmọ mi fún mi?"

Akọ̀pẹ kò jà. "Fọwọ́ kan ọ̀pá imọ̀ yẹn," ó ní.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti gún mi àìmọye ìgbà."

"Àgbọn kì í ní ẹ̀gún."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo irúgbìn, ó wá wo igi tó fì nínú igbó. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ lọ gbẹ́ ọ̀hún wò," ó sọ fún àwọn agbẹ́lẹ̀.

Wọ́n fi àdá la igbó. Ẹ̀gún àti okùn igbó ti bo ìdí àgbọn náà, kò sẹ́ni tó ro ó rí. Akọ̀pẹ tọ́ka sí apá tí igi náà fì kúrò, nítorí akọ̀pẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní gbẹ́lẹ̀ sábẹ́ igi tó fì. Nígbà tí ihò náà dé itan wọn, Oníròyìn ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀. Ẹní tí wọ́n fi wé ọmọ náà ti jẹrà. Egungun wà níbẹ̀, kékeré, ó ti pọ́n bí ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ oníke aláwọ̀ búlúù wà láàárín wọn, kò bàjẹ́ rárá.

Ìyá ọmọ sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ funfun tó ti rán létí yíká, ó tò wọ́n sínú àpótí, ó sì dé e. Ìgbà náà ló wá gbójú sókè.

"Ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Akọ̀pẹ fẹ́ sọ pé ọmọ náà gbọ́. Ogún ìṣísẹ̀ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n kò lè fi irọ́ tu obìnrin náà nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"N ò mọ̀," ó ní.

"Ẹ̀ẹ̀kan," obìnrin náà ní. "Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé mi wá lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀ bá ti rí i."

"Òótọ́ ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀."

Ó gbé àpótí náà sí igbáàyà, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé. Kò dúró de ọkọ rẹ̀. Àwọn agbẹ́lẹ̀ kó irinṣẹ́ jọ. Ọ̀la ni katakata ń bọ̀, kò sì sí ìdí láti dí ihò tí omi yóò bò. Akọ̀pẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dí i. Wọ́n dí méjèèjì, ti ìdí àgbọn àti ti ìdí ọ̀pẹ, òun sì dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi tẹ́jú, kó tó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ ipa ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.