Ogun Tó Ṣáájú Ìdí Rẹ̀

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú ni mo wọ kíláàsì àwọn àgbà ní Ṣàgámù, torí mo fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Olùkọ́ ìtàn ní kí a sọ ìpínrọ̀ kan nípa ogun Ìjẹ̀bú di tábìlì: ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀, ohun tó fà á, àtubọ̀tán rẹ̀. Máàkì rẹ̀ wà lára ìdánwò wa.

Bí ìpínrọ̀ náà ṣe tò ó ni mo ṣe kọ ọ́. Ogun 1892 ló wà lókè. 1891, tí Gẹ̀ẹ́sì wá láti Èkó pé kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà òwò, tí wọ́n sì kọ̀, ló wà nísàlẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ tíṣà, wò ó.

“Bàbá mi, ẹ ti jẹ́ kí ogun jà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.”

“Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn.”

“Ìwé lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù ú. Ọdún ni tábìlì ń tẹ̀ lé.”

Mo fa tábìlì mìíràn, mo fi 1891 sókè. Kíkọ̀ tí Ìjẹ̀bú kọ̀, tó jẹ́ àtubọ̀tán ìlà kìn-ín-ní, wá di ohun tó fa ìlà kejì. Lábẹ́ àtubọ̀tán ogun, mo kọ pé ọ̀nà ṣí, ìjọ wọlé, ilé-ìwé sì dé.

“Ó ti pẹ́ tí ilé-ìwé dé,” ọmọ mi ní. “Ẹ̀yin lẹ kò tètè débẹ̀.”

Mo gba máàkì náà pé. Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ fi ìwé náà hàn.