Ẹni Tó Gbọ́ Ẹbira Nínú Ìbéèrè Kejì

Èdè mẹ́rin ni mo ti ń gbọ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Yorùbá Ìlọrin ni bàbá mi ń sọ nílé, Tápà ni àwọn aládùúgbò wa ní Natako, Haúsá ni ti ọjà, Ígálà sì ni àwọn tó ń gba odò kọjá wá bá ìyá mi nájà ń sọ. Mo ń fi í yangàn gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mi láìdáa lójú mi ní Lọ́kọ́jà, kó lọ wá èdè míì. Mi ò mọ̀ pé etí tí mo fi ń yangàn yìí ló máa gbé mi ṣubú nínú ìdánwò.

Òfin ni mò ń kà ní yunifásítì, mo sì ti bímọ méjì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì yege nínú rẹ̀, Tọ́ọ̀tì, ìyẹn òfin tó dá lórí ohun àìtọ́ tí èèyàn ṣe sí ẹnìkejì rẹ̀. Bí mi ò bá yege níbẹ̀, mi ò lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Odindi ọdún kan ni mo máa fi jókòó sílé.

Ìbéèrè ìbanilórúkọjẹ́ ló pa mí. Obìnrin oníṣòwò kan fi èdè Tápà pe oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ ní olè nínú ṣọ́ọ̀bù. Àlejò méjì láti Ẹ́núgù nìkan ló wà níbẹ̀, ìbéèrè sì sọ pé wọn ò gbọ́ Tápà. Mo gbé bírò. Mo kọ ojú ewé mẹ́fà lórí òtítọ́: bí obìnrin yẹn bá lè fi hàn pé lóòótọ́ ni ẹnìkejì jalè, ó jàre. Gbogbo ohun tí mo kọ ló tọ̀nà. Máàkì tí wọ́n fún mi kò tó ohun tí èèyàn ń fi han ọkọ.

Mo fi ìbínú wọ ọ́fíìsì olùkọ́ wa. Ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú. Mo ní kó sọ ibi tí mo ti ṣìnà fún mi. Ó ní ohun mẹ́ta ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ẹjọ́ tó dúró: pé ọ̀rọ̀ náà lè bù ú kù lójú àwọn tó ní làákàyè, pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àti pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó yé. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ta ló wá ń wá àwíjàre?

Mo ní, “Sà, ta ni kì í gbọ́ Tápà ní Lọ́kọ́jà?”

Ó wò mí. “Ìbéèrè sọ pé wọn ò gbọ́. Lọ́kọ́jà tó wà lórí ẹ lo dá lóhùn, madam. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ lo fi sílẹ̀.”

Ojú tì mí. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n mi ò kì í pẹ́ nínú ìtìjú. Kí n tó délé ni mo ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ gbogbo ayé.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ni ẹ̀gbọ́n kan tí àwa méjèèjì jọ fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yẹn. Ará Oworo ni, ọmọ àgbẹ̀, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, àdúgbò Crusher ló ń gbé. Tí mo bá dé, á kí mi ní “Òkun o, àbúrò,” á gbé ìjókòó fún mi lábẹ́ igi, a ó wá kàwé títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Òun ló là á yé mi pé àríwísí tó tọ́ kì í bo ẹni tó pe èèyàn ní olè. Èrò lórí ohun tó kan gbogbo ìlú ló ń bò, ohun tí a kọ́ èrò náà lé lórí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Òun ló tún kọ́ mi pé ẹni tó kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, òfin dáàbò bò ó, àfi tí inú burúkú bá wà nídìí rẹ̀. Èmi náà fún un ní tèmi: “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó wà níbẹ̀ ò bá gbọ́ èdè náà, kò sí ẹjọ́. Ẹ má wulẹ̀ wẹ̀yìn.” Mo sọ ọ́ lójoojúmọ́. Mo máa ń fi ọwọ́ lu tábìlì tí mo bá ń sọ ọ́. Ó máa ń rẹ́rìn-ín pé mo ti di wòlíì.

Ọjọ́ tí a máa tún ìdánwò náà ṣe dé. Nínú ìbéèrè kejì, télọ̀ kan dúró ní gáréèjì, ó fi èdè Ẹbira sọ ọ́ sójú télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ń jí aṣọ oníbàárà. Èrò ọkọ̀ méjì wà níbẹ̀, wọn ò gbọ́ Ẹbira. Inú mi dùn débi pé mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò sí ẹjọ́. Ohùn olùkọ́ yẹn ló dá mi dúró, mo bá padà kà á láti òkè. Ní ìparí ìpínrọ̀ ni wọ́n ti dá gbólóhùn kan sọ: ẹlẹ́kọ tó wà nítòsí, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ẹbira, bú sẹ́rìn-ín. Háà! Ẹnìkan ti gbọ́, ẹnìkan sì tó.

Mo wá jókòó dáadáa. Ẹjọ́ dúró. Télọ̀ tó sọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ lòun sọ nítorí gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ẹnu ayé kì í ṣe ẹ̀rí, òun ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnìkejì rẹ̀ jalè. Ó ní àríwísí lásán ni; mo ní rárá, ìṣẹ̀lẹ̀ ló sọ, kì í ṣe èrò. Ó tún kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ télọ̀. Mo ní òfin bo ìyẹn, tí kò bá sí ìkà nínú rẹ̀. Àmọ́ ó lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri ọjà fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Òfin ò bo ti ògiri.

Níta, ẹ̀gbọ́n mi ń yọ̀. Ó ní ìbéèrè kejì ti rọrùn jù, pé ìpínrọ̀ mẹ́ta lòun fi parí rẹ̀: kò yé wọn, kò sí ẹjọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu, mo kàn ń mi orí bí alángbá.

Nígbà tí èsì jáde, mo yege, ó kù díẹ̀ káàtó fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ bá a ní Crusher pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tí mo ti tò lẹ́nu láti ilé. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ó ní, “Òótọ́ lo kọ́ mi, àbúrò. Èmi ni mo kà á dé ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ parí sí, mo bá dúró.”

Mo bá bú sẹ́kún. Òótọ́ lóòótọ́ ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti pariwo rẹ̀ sí i létí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ ẹ̀rín ẹlẹ́kọ.