Sìmẹ́ńtì Tó Wà ní "En attente"

Bàbá Zéphirin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni aṣojú ìjọba ní abúlé wa lẹ́bàá Soclogbo nígbà ìjọba Révolution, tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní "Kámáráàdì". Ìjọba yẹn ti lọ tipẹ́. Ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Títí dòní, "Kámáráàdì" là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí ìyá mi, Perpétue, kú, Bàbá ní òun ni yóò kọ́ sàréè rẹ̀: sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, káró, ìyẹn táìlì dídán, lókè, kí ọjọ́ Míísà òkú rẹ̀ tó pé. Káró yẹn ni mo fẹ́. Ilé alámọ̀ ni ìyá mi gbé títí ó fi kú.

Ó fi káàdì báǹkì rẹ̀ ra sìmẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù Àmínátù, ní Dassa. Ẹ̀rọ ìsanwó ní ó ti gbà. A kó sìmẹ́ńtì lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ kọ "en attente" sí ẹ̀gbẹ́ ọjà náà: ó ń dúró. Ọ̀sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ṣì ń dúró. Owó inú àkáǹtì pé, bí ẹni pé a kò ra nǹkan kan. Òǹkà mìíràn tó kéré wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kò wo ìyẹn.

"Ó ti di ọ̀fẹ́," ó ní. "Nígbà ìjọba wa, ohun tí a bá ti fi sí en attente, ta ló tún ń béèrè rẹ̀? Afárá odò wa ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Gbogbo ìpàdé ló fọwọ́ sí afárá náà. Ẹsẹ̀ la ṣì fi ń la odò.

A padà lọ ra káró. Àmínátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìkómọ dé láti Parakou. Bàbá na káàdì. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.

"Kámáráàdì, owó yín ò tó."

"Ó tó. Wo fóònù. Sìmẹ́ńtì tìrẹ gan-an, wọn ò tíì yọ owó rẹ̀."

"Ti òkè lẹ̀ ń wò. Ti ìsàlẹ̀ lẹ lè ná. Owó sìmẹ́ńtì ṣì wà lágbàlá yín, àmọ́ báǹkì ti so ó mọ́lẹ̀ dè mí. Ewúrẹ́ tẹ́ ẹ ti tà, tí n ò tíì wá fà lọ, ṣé ẹ máa tún un tà ni?"

"Kí ló dé tó ò wá fà á?"

"Alaalẹ́ ni mo máa ń fi àkọsílẹ̀ ọjà ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí báǹkì láti inú ẹ̀rọ yìí. Lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò Parakou ń dúró dè mí. N ò ṣe é."

"Tó o bá gbàgbé pátápátá ńkọ́?"

"Tó bá pẹ́, báǹkì á tú okùn. Ṣùgbọ́n n ó ṣì fi ránṣẹ́, Bàbá. Ẹ ti kó sìmẹ́ńtì."

"Ọ̀tá ará ìlú ni ọ́."

"Èmi náà ará ìlú ni," ó ní, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí "en attente" fi kúrò. Báǹkì ti kọ ọjà náà sílẹ̀ bí èyí tó parí. Òǹkà òkè wá sọ̀kalẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀, wọ́n di ọ̀kan náà. Bàbá wò ó títí. Ó ní ìjọba ìsinsìnyí kò mọ bí a ti ń fi nǹkan sílẹ̀.

Kò sí káró. Nígbà tí Míísà kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá tẹ́ sìmẹ́ńtì lásán, ó ní òun yóò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fúnra òun. Ó fi ìṣó kọ ọ́ gàdàgbà: KÁMÁRÁÀDÌ PERPÉTUE.

Ìyá mi kò lọ sí ìpàdé wọn rí. Tí wọ́n bá ti pe ìpàdé, oko ló ń sá lọ. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, sìmẹ́ńtì ti gbẹ.